“Ẹ Bá Mi Jẹ́ Kí Lógò Yẹn Tóbi Sí I”

Kò sí dìsáínà kan tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ní Mókọ́lá n'Íbàdàn tàbí ní Ṣómólú l'Ékòó tí kò mọ gbólóhùn yìí: “Iṣẹ́ yín dáa, ṣùgbọ́n ẹ bá mi jẹ́ kí lógò yẹn tóbi sí i.” Á ṣe é, á fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, èsì á tún dé: “Ó ti ń dáa bọ̀. Ẹ tún fi díẹ̀ kún un.” Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, inú ti ń bí dìsáínà, oníbàárà náà sì ti ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ yìí kì í gbọ́ràn.

Èmi ò rò pé oníbàárà tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀. Owó rẹ̀ ló fi ṣe lógò, orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, ohun tó sì ń fẹ́ kò ju pé kí ayé rí òun lọ. Ojú rẹ̀ kò tàn án rárá: nǹkan kan kò hàn bó ṣe yẹ kó hàn. Ó dà bí aláìsàn tó wọ ilé oògùn, tó mọ ibi tó ń dun òun, ṣùgbọ́n tó ti dárúkọ oògùn tó fẹ́ rà kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ dìsáínà ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì dá èsì tó ní ìdí nínú padà. “A kì í ṣe é bẹ́ẹ̀” kì í ṣe èsì. “Èmi ni mo kọ́ṣẹ́” burú ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú pátákó kan tí mo ṣe fún ìyá oníbúrẹ́dì kan n'Íbàdàn. Inú àdúgbò ni ilé búrẹ́dì wọn wà, ó tó 100 mítà sí títì, nítorí náà pátákó etí títì ni yóò máa pe èèyàn wọlé. Pátákó náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Orí fúlẹ́ẹ̀sì la fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí, kí wẹ́dà wá fi irin ṣe férémù rẹ̀. Roboto ni lógò wọn: ọkà wíìtì wà láàárín, orúkọ ilé búrẹ́dì sì yí i ká. Nínú iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, lógò náà fẹ̀ ní íǹṣì 12, ó wà lápá òsì. Lápá ọ̀tún, mo kọ BÚRẸ́DÌ gàdàgbà-gadagba, orúkọ ilé búrẹ́dì wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ọfà pẹ̀lú “Ẹ yà sọ́tùn-ún”, nọ́ńbà fóònù ló kẹ́yìn. Ìyá ní kí lógò di íǹṣì 24. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní kó di 36.

Ibí ni mo ti dáwọ́ dúró, tí mo kọ èsì. Mo fẹ́ kà á fún yín díẹ̀díẹ̀, kí n máa sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ilé búrẹ́dì tuntun, Ọlọ́run á jẹ́ kó mówó wọlé. Mo ti rí ohun tí ẹ kọ nípa lógò. Òótọ́ ni, kò hàn tó, mo sì dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́ ká tó tẹ̀ ẹ́. Kí n tó tún fọwọ́ kan ìwọ̀n rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rò pé ó fà á.”

Mo bẹ̀rẹ̀ báyìí torí pé òótọ́ ni. Lógò náà kò hàn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ èsì pẹ̀lú àtakò, ohun tójú oníbàárà rí ló ń jà, kò sì sí bó ṣe lè borí. Ohun tó kù láti sọ ni ìdí tí kò fi hàn, ìyẹn ló sì gba sùúrù.

“Mà, ẹni tó ti mọ ilé búrẹ́dì yín kò nílò pátákó. Ẹni tí a ń ṣe é fún ni ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀, tí kò gbọ́ orúkọ yín rí, tó kàn fẹ́ ra búrẹ́dì lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àwòrán tí mo fi ránṣẹ́, ẹ gbé fóònù náà nàró sórí tábìlì, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn rìn tó ìṣísẹ̀ méjì. Bí pátákó yóò ṣe rí lójú awakọ̀ tó ṣì kù bíi 60 mítà kó débẹ̀ nìyẹn. Kí ni ẹ kọ́kọ́ rí kà?”

Èyí ni mo kà sí kókó ọ̀rọ̀ lógò ńlá, àwa dìsáínà pàápàá kì í sì í sábà rántí rẹ̀. Oníbàárà ń wo iṣẹ́ lórí fóònù tó dì mọ́wọ́. Ìbú ojú fóònù kò pé íǹṣì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ojú gan-an. Tí a bá ṣírò rẹ̀, pátákó ẹsẹ̀ bàtà 8 tí a ń wò lórí fóònù báyẹn kò yàtọ̀ sí pátákó gidi tí a dúró ní nǹkan bíi mítà 13 sí. Láti mítà 13, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lápá ọ̀tún ló ṣeé kà, títí kan nọ́ńbà fóònù. Oníbàárà náà tún ń wò ó níbi tó jókòó sí, kò sóhun tó ń lé e. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣeé kà lójú rẹ̀, kí ló kù tó lè rí sọ? Lógò.

Awakọ̀ kò sí ní mítà 13. Ọkọ̀ tó ń sá ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń gba nǹkan bíi mítà 14 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Tó bá rí pátákó láti 60 mítà, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré ló ní láti kà á, láti rò ó, kó sì tẹ bíréèkì.

“Lógò yín dára, Mà, ṣùgbọ́n orúkọ tó yí i ká ni lẹ́tà rẹ̀ kéré. Tí mo bá sọ lógò di íǹṣì 36, yóò gba àyè púpọ̀, síbẹ̀ awakọ̀ kò ní lè ka orúkọ yẹn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ pátákó. Ìdí nìyí tí mo fi kọ orúkọ yín lọ́tọ̀ sápá ọ̀tún, ní ìlà tó gún régé.”

Àwọn tó ń ṣe àmì ojú títì ní Amẹ́ríkà ní òṣùwọ̀n kan tí mo máa ń lò: lẹ́tà tó ga ní íǹṣì kan, ẹsẹ̀ bàtà 30 ni ká kà sí ibi tójú lè ti kà á dé. Ìyẹn jẹ́ mítà 9. Nínú lógò ìyá oníbúrẹ́dì, nígbà tí lógò bá fẹ̀ ní íǹṣì 12, lẹ́tà orúkọ tó yí i ká kò ga ju íǹṣì kan lọ; mítà 9 ló ṣeé kà mọ. Sọ lógò di 24, ó di mítà 18. Sọ ọ́ di 36, ó di 27. Kódà bí a bá fi lógò kún pátákó láti òkè délẹ̀, ní íǹṣì 48, mítà 36 ló máa mọ, 60 tí a ń wá kò tíì dé. Kò sí bí a ṣe lè fẹ lógò náà tó lórí pátákó yìí tí orúkọ inú rẹ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ fún awakọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà, tí a bá kọ ọ́ sí ìlà tó gún, tí lẹ́tà rẹ̀ ga ní íǹṣì 7 péré, ó ṣeé kà láti mítà 63.

Àyè tí lógò ńlá ń jẹ kì í sì í pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń rò. Lógò tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan gba ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, ọ̀kan lóòró. Tó bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó gba mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóòró, ìyẹn irú àyè àkọ́kọ́ lọ́nà mẹ́sàn-án, nínú pátákó tí gbogbo àyè rẹ̀ jẹ́ 32. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ara ọ̀rọ̀ tó kù ni a ó ti yọ ọ́. “Ẹ yà sọ́tùn-ún” tó ga ní íǹṣì 6 yóò sọ̀ kalẹ̀ sí íǹṣì 4 àti díẹ̀, awakọ̀ tí ì bá kà á láti mítà 54 yóò tó kà á tó bá ku nǹkan bíi 43. Ó ti pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú mẹ́rin tó ní. Ẹni tó bá ti wakọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà àdúgbò kan n'Íbàdàn mọ̀ pé kò ní padà tìtorí búrẹ́dì.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó dé ibi tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń yọ ìyá lẹ́nu.

“Ohun tó jẹ́ kí lógò máa rì, Mà, àwọ̀ ni. Bíráùn ni lógò yín, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ni ilẹ̀ pátákó tí a jọ yàn. Àwọ̀ méjèèjì ń fara jọra. Ẹ jẹ́ kí n fi òbìrípo funfun sẹ́yìn lógò náà kí ẹ wò ó.”

Ọ̀nà tí èèyàn fi ń mọ̀ rọrùn. Ẹ sọ àwòrán náà di dúdú àti funfun lórí fóònù, bí àwòrán àtijọ́. Tí lógò bá wọnú ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ̀ ń wá etí rẹ̀ tí ẹ ò rí i, ìwọ̀n kọ́ ni ìṣòro náà, àwọ̀ ni. Ojú wa kì í fi àwọ̀ nìkan dá nǹkan mọ̀ lókèèrè. Bí ohun kan ṣe mọ́lẹ̀ tó, tí òmíràn sì ṣókùnkùn tó, ló fi ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Bíráùn àti àwọ̀ ọsàn tó pọ́n yàtọ̀ síra nítòsí, ṣùgbọ́n tí a bá bọ́ àwọ̀ kúrò lára wọn, eérú kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Oòrùn ọ̀sán tún máa ń mú kó burú sí i, torí fúlẹ́ẹ̀sì máa ń dán, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára rẹ̀ a sì dín ìyàtọ̀ kékeré tó wà níbẹ̀ kù. Lógò tó ń rì báyìí, tí ẹ bá sọ ọ́ di ńlá, ohun ńlá tó ń rì ló dà. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà fi máa ń ní “ẹ tún fi díẹ̀ kún un” láìdúró: bí a ṣe ń fẹ̀ ẹ́ tó, ohun tó ń dà á láàmú kò kúrò níbẹ̀.

“Ẹ óò rí i pé mo fi àyè òfìfo sílẹ̀ yí lógò ká, àti láàárín àwọn ìlà. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe èèyàn bíi pé owó ń ṣòfò níbẹ̀. Ẹ rántí ọkọ̀ Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, Mà. Nígbà tí wọ́n ń polówó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1959, èyí tó pọ̀ jù nínú ojú ewé ni wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo, wọ́n wá fi ọkọ̀ náà kékeré sí igun kan lókè. Kò sẹ́ni tó ṣí ìwé náà tí ojú rẹ̀ kò ní bọ́ sórí ọkọ̀ kékeré yẹn.”

Ilé-iṣẹ́ Doyle Dane Bernbach ní Niu Yọ́ọ̀kì ló ṣe ìpolówó náà, Helmut Krone ló tò ó, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí sì ń wò ó títí dòní. Àmì Volkswagen fúnra rẹ̀ kò ju kékeré kan nísàlẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Mo lò ó fún ìyá torí pé ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ ni. Àyè òfìfo ló ń sọ fún ojú ibi tó yẹ kó lọ. Tí gbogbo ìgun pátákó bá kún, ojú kò ní ibi tí yóò kọ́kọ́ bà lé, awakọ̀ a sì wo iwájú ọ̀nà rẹ̀.

Fún àwa tó ń kọ Yorùbá, àyè náà tún ní iṣẹ́ mìíràn. BÚRẸ́DÌ ní àmì lórí Ú, ó ní àmì lórí Ẹ́ àti ẹ̀kán lábẹ́ rẹ̀, ó ní àmì lórí Ì. Lẹ́tà tó ga ní íǹṣì 12 nílò nǹkan bíi íǹṣì méjì sí mẹ́ta sí i lókè fún àmì, àti díẹ̀ nísàlẹ̀ fún ẹ̀kán. Tí a bá ti fi lógò fún ọ̀rọ̀ pa, àmì ohùn ni ẹni tó ń tò ó yóò kọ́kọ́ yọ kúrò kí ìlà má baà gun ara wọn. Ó máa ń dùn mí láti rí orúkọ rere lójú títì tí wọ́n ti gé lórí gé nídìí nítorí irú èyí.

Mo wá kan ìwọ̀n tí mo fẹ́ dá lábàá. Pátákó náà ga ní íǹṣì 48. Mo fún BÚRẸ́DÌ ní 12, orúkọ ní 7, ọfà àti “Ẹ yà sọ́tùn-ún” ní 6, nọ́ńbà fóònù ní 3. Ìyẹn jẹ́ 28. Ogún tó kù, mo fi mẹ́rin sí etí òkè, mẹ́rin sí etí ìsàlẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin sáàárín ìlà kọ̀ọ̀kan. Lápá òsì, nǹkan bíi íǹṣì 30 níbùú ló kù fún lógò lẹ́yìn tí a bá ti yọ etí kúrò: òbìrípo funfun tó fẹ̀ ní 24, lógò íǹṣì 18 nínú rẹ̀, 6 tó kù yà á nípá sí ọ̀rọ̀.

“Nítorí náà, Mà, èyí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo ti fi kún lógò láti 12 sí 18, mo ti gbé e sórí òbìrípo funfun, mo sì fi àwòrán méjì ránṣẹ́: èyí, àti èyí tí lógò rẹ̀ jẹ́ 36 bí ẹ ṣe ní. Mo ti tẹ méjèèjì sórí bébà A4, ọmọ iṣẹ́ mi yóò gbé e wá bá yín lọ́la. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀kan mú lẹ́yìn èkejì níwájú ilé, kí ẹ̀yin dúró ní mítà méje. Èyí tí ẹ bá kà tán kí ẹ tó ka mẹ́rin lẹ́nu ni a ó tẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ lógò tó kún ojú lóòótọ́, ara ọ̀rá búrẹ́dì ni ibi tó yẹ ẹ́, torí ọwọ́ ni èèyàn yóò fi mú ìyẹn. Ẹ kú sùúrù, Mà. Pátákó yín ni, ohun tí ẹ bá sọ náà la ó ṣe.”

Bébà A4 tí a fi ìbú rẹ̀ lélẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó íǹṣì 12, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ pátákó náà. Mítà méje sí i fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 60 mítà sí pátákó gidi. Ìdánwò yìí kò náni ju owó ìtẹ̀wé bébà méjì lọ, ó sì sàn ju àríyànjiyàn ọ̀sẹ̀ kan lọ, torí pé ojú oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń dájọ́. Ìyá ṣe é. Wọ́n pè mí, wọ́n ní: “Ọmọ mi, èyí tó ní funfun lẹ́yìn yẹn ni kí ẹ tẹ̀. Èkejì yẹn, wíìtì nìkan ni mo rí.” Mo sì fún wọn ní lógò ńlá lára ọ̀rá búrẹ́dì bí mo ṣe ṣèlérí, láàárín gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC, ìwọ̀n àti déètì ní ẹ̀gbẹ́ níbi tí wọn kò ti ní dí i lọ́wọ́.

Oníbàárà máa ń jàre nígbà mìíràn o. Tí lógò bá kéré débi pé ìlà inú rẹ̀ ń dí mọ́ra nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sára bírò tàbí káàdì, ẹ fẹ̀ ẹ́, tàbí kí ẹ ṣe èyí tí ìlà rẹ̀ dínkù. Tó bá sì jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé ti mọ àmì rẹ̀, lógò nìkan lè dá dúró. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn kì í yá. Carolyn Davidson ló ya àmì ilé-iṣẹ́ bàtà Nike ní 1971, dọ́là 35 ni wọ́n fún un nígbà náà. Ó di 1995 kí ilé-iṣẹ́ náà tó yọ orúkọ kúrò lára àmì, kí wọ́n jẹ́ kó máa dá ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ìpolówó ló wà láàárín. Ilé búrẹ́dì tó ń ṣílẹ̀kùn lóṣù yìí kò tíì ní ìyẹn, ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó ń tà.

Tí oníbàárà bá sì ti rí ìdánwò, tó ti gbọ́ àlàyé, tó ṣì ní 36 lòun fẹ́, ẹ ṣe é fún un tọkàntọkàn, kó sì dára bó ṣe lè dára ní ìwọ̀n yẹn: ẹ fi funfun sẹ́yìn rẹ̀, ẹ yọ nọ́ńbà fóònù kúrò kí ọfà lè rí àyè. Ohun tí n kì í fojú fò ni kí ó fọwọ́ sí bébà A4 tó yàn, kó kọ déètì sí i, ká tó gbé iṣẹ́ lọ sílé ìtẹ̀wé, torí fúlẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀ jáde kò ṣeé tún ṣe, owó tuntun ni yóò gbà.